Ọwọ́ màmá mi ń gbọ̀n: báwo ni wọ́n ṣe lè fi ìka kan ṣoṣo tẹ Ctrl+C àtàwọn yòókù?

ỌmọOlùkọ́_Ìjẹ̀bú:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Màmá mi ni mo fẹ́ bèèrè ọ̀rọ̀ fún. Ẹni ọdún 68 ni wọ́n, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ti tó ọdún méjì tí dókítà ti sọ pé àìsàn Pákínsìn ló ń gbọn ọwọ́ ọ̀tún wọn. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń di etí tábìlì mú, nítorí náà ìka kan ṣoṣo, èyí tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún, ni wọ́n fi ń tẹ kọ̀ǹpútà.

Mo ti tan Sticky Keys fún wọn lórí Windows 11, kí wọ́n lè tẹ Ctrl, kí wọ́n gbé ọwọ́ kúrò, kí wọ́n tó wá tẹ C. Ó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ó máa ń kú fúnra rẹ̀, láìsí ẹni tó pa á. Lẹ́tà náà sì ń jáde ní méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta. Èyí tó dùn wọ́n jù ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá: wọ́n ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé lọ, wọ́n fẹ́ kọ "àwọn", kàkà kí lẹ́tà jáde, gbogbo ojú ìwé ṣókùnkùn, Word wá ń bi wọ́n bóyá kó fi iṣẹ́ pamọ́. Ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n tẹ ibi tí kò yẹ, iṣẹ́ wákàtí kan sì lọ. Láti ọjọ́ náà wọn ò fẹ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mọ́. Ẹ ràn mí lọ́wọ́.

Fìlà_Gọ̀bì:
Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìtọ́jú màmá. Bọ́tìnnì tó bá ń lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ohun mímu dídùn ló dà sí i. Ó ṣe mí rí. Ẹ pa láptọ́ọ̀pù náà pátá, ẹ yọ báńtìrì rẹ̀ tó bá ṣe é yọ, kí ẹ fi òwú tí ẹ fi spírítì díẹ̀ rẹ nu abẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi omi sí i o.

ỌmọOlùkọ́_Ìjẹ̀bú:
Ẹ ṣeun sà. Kíbọ́ọ̀dù náà mọ́, kò sí ohun tó lẹ̀ níbẹ̀. Sticky Keys ni orúkọ ètò kan nínú Windows tó ń bá ẹni tí kò lè tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀ di àkọ́kọ́ mú de èkejì.

Fìlà_Gọ̀bì:
Áà, mo ṣì í gbọ́. Ẹ forí jì mí. Màá dúró kí n kẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú yín, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Táíwò_Tẹ̀ńté:
Sticky Keys nìkan kò lè tó. Filter Keys ló kù. Ẹ di Shift ti ọwọ́ ọ̀tún mú títí ìṣẹ́jú àáyá 8 á fi pé, á bi yín léèrè, ẹ tẹ Yes. Mo ṣe é fún bàbá àgbà wa. Kọ̀ǹpútà kò ní gba lẹ́tà kankan àyàfi tí èèyàn bá di bọ́tìnnì náà mú fún odidi ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbogbo ìgbọ̀nrìrì yẹn á pòórá.

ỌmọOlùkọ́_Ìjẹ̀bú:
Bọ̀dá Táíwò, mo ṣe é lálẹ́ àná. Màmá ní kíbọ́ọ̀dù ti kú. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, lẹ́tà kan ṣoṣo ló jáde. Mo tún di Shift ọ̀tún yẹn mú fún ìṣẹ́jú àáyá 8 kí n tó lè pa á.

Alátùn-únṣe_Kọ̀ǹpútà:
Àbúrò, Táíwò sọ òótọ́ pé Filter Keys ló kù, ṣùgbọ́n apá tí kò bá ọwọ́ màmá mu ló tàn fún wọn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àkọsílẹ̀ ìpàdé yẹn, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń bà wọ́n.

Ctrl ló tì pa. Nínú Sticky Keys, tí èèyàn bá tẹ Ctrl lẹ́ẹ̀kan, yóò dúró de lẹ́tà kan péré, yóò sì tú. Ṣùgbọ́n tí ó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì léra wọn, yóò tì pa, kò ní tú títí a ó fi tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n kì í tẹ nǹkan lẹ́ẹ̀kan. Màmá tẹ Ctrl fún nǹkan kan, ọwọ́ gbọ̀n, ó di ẹ̀ẹ̀mejì, Ctrl tì, wọn ò mọ̀. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ "àwọn". A wọlé gẹ́gẹ́ bí Ctrl+A, ìyẹn ni gbogbo ìwé ṣe ṣókùnkùn. W wọlé gẹ́gẹ́ bí Ctrl+W, ìyẹn ni "ti ìwé yìí", ni Word bá bi wọ́n bóyá kó fi í pamọ́. Ẹ ṣàlàyé ìyẹn fún wọn kí wọ́n mọ̀ pé àwọn kọ́ ló ba nǹkan jẹ́.

Èyí tó ń kú fúnra rẹ̀ náà ní ìdí. Sticky Keys ní ètò kan tó ní kí ó pa ara rẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá tẹ Ctrl, Shift tàbí Alt pọ̀ mọ́ bọ́tìnnì mìíràn lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ṣe é kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ le lè gba kọ̀ǹpútà lò lẹ́yìn ẹlòmíì. Lọ́dọ̀ ẹni tí ìka rẹ̀ ń fò, bọ́tìnnì méjì á ṣáà tẹ ara wọn, ètò náà á sì dákẹ́.

Ẹ tẹ Windows àti R pọ̀ fún wọn, kí ẹ kọ èyí síbẹ̀, kí ẹ tẹ Enter:

```
control /name Microsoft.EaseOfAccessCenter
```

Ẹ wọ "Make the keyboard easier to use", lẹ́yìn náà "Set up Sticky Keys". Ẹ yọ àmì kúrò níwájú "Lock modifier keys when pressed twice in a row", kí ẹ sì yọ ti "Turn off Sticky Keys when two keys are pressed at once" pẹ̀lú. Ẹ fi ti ìró sílẹ̀, kí wọ́n lè máa fi etí mọ ìgbà tí Ctrl ti gbọ́. Apply, ó tán.

Ẹ má tíì fọwọ́ kan Filter Keys. Ẹ kọ́kọ́ dán ọwọ́ wọn wò. Ẹ pa Filter Keys, ẹ ṣí Notepad, ẹ ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà k lẹ́ẹ̀mẹ́wàá bí wọ́n ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n máa fi Enter pààlà láàárín. Ẹ gbé ohun tó bá jáde wá síbí, kí ẹ má tún un ṣe.

ÌyáBọ́lá_Lọ́ńdọ̀nù:
Alátùn-únṣe, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ gba tèmi náà yẹ̀wò. Ọkọ mi, àrùn rọpárọsẹ̀ mú wọn ní ọdún 2021. Ọwọ́ wọn kì í gbọ̀n, ó kàn wúwo ni. Tí wọ́n bá fi ìka lé lẹ́tà, wọn ò lè tètè gbé e kúrò, ni lẹ́tà kan á bá kún ìlà kan: "aaaaaaaaaa". Ṣé Sticky Keys yìí ló máa wò ó?

Alátùn-únṣe_Kọ̀ǹpútà:
Rárá mà, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀. Tiyín jẹ́ kí bọ́tìnnì máa tún ara rẹ̀ tẹ̀ nígbà tí ìka ṣì wà lórí rẹ̀. Ẹ kọ `control keyboard` sínú àpótí Windows+R kan náà, ẹ fa "Repeat delay" lọ sí apá "Long". Ìyẹn á fún wọn ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan kí àtúntẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Tí kò bá tó, ẹ wọ "Set up Filter Keys", kí ẹ yan "Turn on Repeat Keys and Slow Keys". Ibẹ̀ ni ẹ ti lè fún wọn ní àkókò tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sì lè ní kí àtúntẹ̀ má wáyé rárá.

ỌmọOlùkọ́_Ìjẹ̀bú:
Màmá ti ṣe é. Ó gba pé kí n bẹ̀ wọ́n díẹ̀. Ohun tó jáde rèé:

```
k
kk
kkk
k
kk
kj
k
kk
kkk
kk
```

Alátùn-únṣe_Kọ̀ǹpútà:
Ó dáa gan-an. Ẹ wo bí ó ṣe rí: ẹ̀ẹ̀mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni k kan náà jáde ní méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìka yọ̀ sórí aládùúgbò rẹ̀, j. Kò síbi tí k ti kún ìlà. Ìka wọn ń bọ́ sí ibi tó yẹ, ó kàn ń ta padà ni. Tí ó bá jẹ́ pé kj, kl, ki ló pọ̀ jù, Slow Keys, apá Filter Keys tó ní kí èèyàn di bọ́tìnnì mú bí Táíwò ti sọ, ni mo máa ní kí ẹ tàn, torí bọ́tìnnì tí ìka kàn fara kàn kọjá kò ní wọlé. Tí k bá kún ìlà, ti ọkọ ÌyáBọ́lá nìyẹn.

Bounce Keys ni ti màmá. Ohun kan péré ló ń ṣe: tí bọ́tìnnì kan bá wọlé, tí bọ́tìnnì kan náà bá tún wọlé kí àkókò tí a yàn tó pé, yóò gbójú fo ẹlẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́tà àkọ́kọ́ á jáde lójú ẹsẹ̀, kò ní jẹ́ kí èèyàn dúró. Lẹ́tà mìíràn náà á wọlé lójú ẹsẹ̀.

Ẹ wo ìdí tí Slow Keys fi mú wọn rò pé kíbọ́ọ̀dù ti kú. Ọwọ́ tí Pákínsìn ń gbọ̀n sábà máa ń lọ sókè-sódò ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin sí mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, ìka kì í pẹ́ lórí bọ́tìnnì ju ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá lọ kí ó tó ta kúrò. Bí Windows bá wá ní kí ó dúró síbẹ̀ fún odidi ìṣẹ́jú àáyá kan, kò lè dúró láéláé. Ìṣirò yẹn kan náà ló jẹ́ kí Bounce Keys bá wọn mu: ìka tó ta padà á ti délẹ̀ kí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá tó pé.

Ẹ padà sí "Make the keyboard easier to use", ẹ wọ "Set up Filter Keys". Ẹ sàmì sí "Turn on Filter Keys", ẹ yan "Turn on Bounce Keys", kí àkókò rẹ̀ jẹ́ 0.5. Ẹ yọ àmì níwájú "Turn on Filter Keys when right SHIFT is pressed for 8 seconds", torí ọwọ́ tó bá sinmi sórí Shift yẹn lè pa gbogbo rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Ẹ fi àmì sí "Beep when keys are pressed or accepted".

Ó tún ran Sticky Keys lọ́wọ́ níbì kan. Filter Keys ló kọ́kọ́ ń rí bọ́tìnnì kí Sticky Keys tó rí i. A ti yọ ètò tó ń ti Ctrl pa, ṣùgbọ́n bí Ctrl bá wọlé lẹ́ẹ̀mejì báyìí, ẹlẹ́ẹ̀kejì á tú àkọ́kọ́, C á sì jáde gẹ́gẹ́ bí c lásán. Bounce Keys á gbé Ctrl ẹlẹ́ẹ̀kejì mì kí ó tó débẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ lo méjèèjì pọ̀.

Táíwò_Tẹ̀ńté:
Ó yé mi báyìí. Ọwọ́ bàbá àgbà wa kì í ta padà, ìka wọn ló ń fa gbogbo aládùúgbò mọ́ra. Ìdí nìyẹn tó fi bá wọn mu. Ẹ má bínú, àbúrò, mo rò pé ọwọ́ gbogbo àgbà ń gbọ̀n bákan náà ni.

ÌyáBọ́lá_Lọ́ńdọ̀nù:
Mo rí i báyìí, "Repeat delay" tó "Long" ti dín ìyà kù. Ṣùgbọ́n ìka wọn náà máa ń ta lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí ó bá ti rẹ̀ wọ́n. Mo fẹ́ tan Bounce Keys pọ̀ mọ́ Repeat Keys, ó ní kí n yan ọ̀kan.

Alátùn-únṣe_Kọ̀ǹpútà:
Bí Windows ṣe rí nìyẹn mà. Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín Filter Keys sí, ẹ̀ẹ̀kan náà kò gba méjèèjì. N ò tíì rí ojútùú tó tẹ́ mi lọ́rùn fún ẹni tó nílò méjèèjì.

Ọmọ_Línúksì:
Lórí Ubuntu, GNOME gbà kí wọ́n tan Slow Keys àti Bounce Keys pọ̀. Wọ́n wà nínú Settings, Accessibility, Typing. Ẹ sì lè yan iye tó bá wù yín, kò ní kí ẹ mú 0.5. Èyí tí mo fi sí ti bàbá mi rèé, mílísẹ́kọ́ńdì ni wọ́n ń fi kà á:

```
gsettings set org.gnome.desktop.a11y.keyboard bouncekeys-enable true
gsettings set org.gnome.desktop.a11y.keyboard bouncekeys-delay 300
```

Ẹ̀yin tó ń lo Mac, Sticky Keys àti Slow Keys wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Apple kò fi Bounce Keys sínú rẹ̀.

ÌyáBọ́lá_Lọ́ńdọ̀nù:
Ọmọ mi, ọkọ mi ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. N ò lè sọ fún wọn pé kí wọ́n tún kọ́ kọ̀ǹpútà tuntun. A ó máa bá Windows yí i.

ỌmọOlùkọ́_Ìjẹ̀bú:
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà dé. Ọjọ́ mẹ́rin ti kọjá. Màmá ti kọ ojú ìwé méjì! Ctrl, gbé ọwọ́, S, iṣẹ́ ti wà nípamọ́. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan báyìí. Ctrl kan náà, kí wọ́n tẹ Esc, ni wọ́n fi ń ṣí Start. Sticky Keys kò sì kú mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Wọ́n kọ owó tí ọmọ ẹgbẹ́ kan yá, 50000 náírà. Ohun tó jáde ni 50. Òdo mẹ́rin ni wọ́n tẹ̀ kíá, Bounce Keys gbé mẹ́ta mì. Ọlọ́run ló ní kí n kà á kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Alátùn-únṣe_Kọ̀ǹpútà:
Ó yẹ kí n ti sọ ìyẹn, ẹ jọ̀ọ́. Ibi tí Bounce Keys ti ń fa ọgbẹ́ nìyẹn: kò mọ̀ yàtọ̀ láàárín òdo tí ọwọ́ gbígbọ̀n tẹ̀ àti òdo tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀. "Aago" náà á di "ago" tí wọ́n bá yára. Ẹ ní kí wọ́n tẹ òdo kan, kí wọ́n gbé ọwọ́, kí wọ́n ka "oókan" sínú, kí wọ́n tó tẹ èyí tó kàn, kí wọ́n máa fi ojú ka òdo lórí ojú kọ̀ǹpútà. Kí wọ́n sì máa kọ iye owó ní lẹ́tà sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà, bí a ṣe ń ṣe nínú ṣẹ́ẹ̀kì. Òdo tó bá sọnù á hàn níbẹ̀.

Tí dídúró yẹn bá ń sú wọn, a lè dín in kù sí 0.3. Àtẹ Windows kò ní iye tó kéré ju 0.5 lọ, ṣùgbọ́n ó wà nínú rẹ́jísírì. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tan Bounce Keys láti inú àtẹ yẹn, ẹ ṣí `regedit`, ẹ wá ibí yìí:

```
HKEY_CURRENT_USER\Control Panel\Accessibility\Keyboard Response
BounceTime = 300
```

Ẹ fi ẹyọ kan yẹn nìkan ṣe 300, ẹ má fọwọ́ kan yòókù. Ẹ jáde kúrò nínú àkáǹtì wọn, kí ẹ tún wọlé. Tí ẹ bá ṣí àtẹ Filter Keys tí ẹ tẹ Apply lẹ́yìn náà, ó lè dá a padà sí 0.5. N ò ní kí ẹ sáré lọ ṣe é o. Lọ́jọ́ tí oògùn wọn bá ti fẹ́ẹ́ tán lára, ọwọ́ lè gbọ̀n ju ti ọjọ́ tí ẹ dán an wò lọ, 0.3 lè má tó mọ́.

ỌmọOlùkọ́_Ìjẹ̀bú:
Òótọ́ ni. Ìrọ̀lẹ́ ni ti wọn máa ń le jù. A ó fi í sí 0.5 bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kan ló kù: wọn ò lè kọ ẹ, ọ àti ṣ tó ní àmì lábẹ́, wọ́n sì jẹ́ olùkọ́ Yorùbá, ó ń dùn wọ́n.

Ọmọ_Línúksì:
Nínú Word, ẹ kọ 1EB9, ẹ tẹ Alt, ẹ gbé ọwọ́, ẹ tẹ X. Á di ẹ. Ti ọ ni 1ECD, ti ṣ ni 1E63. Ohùn náà ṣe é fi ìka kan kọ: Ctrl, lẹ́yìn náà `'`, lẹ́yìn náà a, ẹ ti rí á. Ctrl, lẹ́yìn náà `` ` ``, lẹ́yìn náà a, ẹ ti rí à. Kò síbi tí bọ́tìnnì kan náà ti tẹ̀ lé ara rẹ̀ nínú gbogbo wọn, nítorí náà Bounce Keys kò ní jẹ nǹkan kan.

Fìlà_Gọ̀bì:
Mo ṣe ìdánwò k yẹn fún ẹ̀gbọ́n mi lówùúrọ̀ yìí. kj, kl, k, kjl, ki ló jáde, ó kàn ń yọ̀ káàkiri. Bóyá Slow Keys ni, Táíwò? Ibo ni kí n bẹ̀rẹ̀?

Táíwò_Tẹ̀ńté:
Ẹ má fi í sí 1 bí mo ti ṣe sà. 0.3 ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo bóyá àwọn aládùúgbò yẹn ṣì ń wọlé, kí ẹ tó lọ sí 0.5. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kíbọ́ọ̀dù kú, ẹ ti lọ jìnnà jù.